Níbi Tí Ètè Ti Pàdé: Bí Ẹnu Kátúùnù Ṣe Ń Bá Ọ̀rọ̀ Yorùbá Mu

Ẹ dúró níwájú jígí, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ètè yín nìkan ni kí ẹ máa wò. Ẹ ó rí i pé ó ṣù roboto láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí dé òpin rẹ̀. Kò sí ohun tí ojú lè fi mọ ọkọ ìyàwó yàtọ̀ sí ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀ ọdẹ. Etí mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kan ṣoṣo ni ojú rí. Ẹ wá sọ "ọ̀bọ" tẹ̀ lé e. Ètè méjèèjì á pàdé láàárín ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á sì tún là. Ojú rí ìyẹn kíákíá.

Orí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀kọ̀ àti ọ̀bọ nínú jígí yìí ni iṣẹ́ mímú ẹnu kátúùnù bá ọ̀rọ̀ mu dúró lé. Onídùndún lè fi ìlù sọ̀rọ̀ kí gbogbo agbo sì gbọ́, bẹ́ẹ̀ ìlù kò ní ètè. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń fà jáde lára awọ. Òdìkejì ìlù ni ẹnu kátúùnù. Ìrísí ètè ló ní, kò ní ohùn. Ayàwòrán tó bá mọ̀ pé ohùn ti wà nínú ohun tí a gbà sílẹ̀ kò ní da ara rẹ̀ láàmú láti ya ohun tí ojú kò lè rí. Ìwọ̀nba àmì tí ojú ń wá ni yóò mú, yóò sì yà wọ́n sí àkókò wọn gan-an.

Ẹnu mélòó ni Yorùbá nílò?

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ yìí kì í pẹ́ pàdé àwòrán ẹnu tí Preston Blair yà. Ará Amẹ́ríkà ni Blair, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Disney àti MGM, ìwé tó sì fi kọ́ni ní yíya kátúùnù wà lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán káàkiri ayé títí di òní. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń ya àwọn ẹnu náà. Gẹ̀ẹ́sì ní ìró tí ahọ́n ti ń yọ sáàárín eyín, ó sì ní ọ̀rọ̀ tí kọ́ńsónáǹtì méjì tàbí mẹ́ta máa ń tò tẹ̀ léra ní ìparí. Yorùbá kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ́lì kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ṣe máa ń lọ, fáwẹ́lì ló sì máa ń gbẹ̀yìn. Èyí rọrùn fún ayàwòrán, torí pé ẹnu wa kò ní ìdíjú púpọ̀. Ó ń pàdé, ó ń ṣí, ó ń pàdé, ó ń ṣí.

Ẹnu tó ṣe pàtàkì jù ni ètè pípadé. Ìró mẹ́rin ló ni ín: b, m, p àti gb. Lẹ́tà méjì ni a fi ń kọ gb, ṣùgbọ́n ìró kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá ya ẹnu g sílẹ̀ ná, tó wá ya ẹnu b tẹ̀ lé e, ti fi àwòrán kan ṣòfò, ó sì ti mú kí ètè pẹ́ kó tó pàdé.

Ìró karùn-ún kan wà tó máa ń wọlé sínú ẹgbẹ́ yìí láìjẹ́ kí a mọ̀. Ẹ padà síwájú jígí, kí ẹ sọ "ó ń bọ̀." Ètè yín ti pàdé kí ẹ tó dé ibi b, nítorí pé ń yẹn ti di m lẹ́nu yín. Ẹ sọ "ó ń lọ." Ètè wà ní ṣíṣí. Ẹ sọ "ó ń fọ aṣọ." Eyín òkè ti ń wá ètè ìsàlẹ̀ kó tó kan f. Lẹ́tà kan náà ni lórí ìwé, ẹnu mẹ́ta ni lójú. Ìró tó tẹ̀ lé ń ni kí ẹ wò kí ẹ tó ya á.

Lẹ́yìn ètè pípadé ni àwọn fáwẹ́lì. A ni ó ń la ẹnu jù, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ á lọ sílẹ̀ pátápátá. I àti e ń fa igun ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bíi pé èèyàn fẹ́ rẹ́rìn-ín, eyín á sì hàn. Ẹ wà láàárín wọn, ó là ju e lọ, kò tó a. Ọ ń ká ètè roboto, àyè sì wà láàárín. O àti u ń sú ètè síwájú, àyè á kéré, w náà á sì bá wọn lo ẹnu kan náà. Ó wá ku méjì: f tí eyín òkè ti ń kan ètè ìsàlẹ̀, àti l tí a ti lè rí orí ahọ́n lẹ́yìn eyín òkè.

Ẹnu mẹ́jọ nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi ẹ̀ àti l sílẹ̀ ná, kó máa fi mẹ́fà ṣiṣẹ́. Ìró tó kù, bíi k, g, s, t, d, r, h, y àti n, inú ẹnu lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wáyé. Wọn kò ní ètè tiwọn, ètè fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé wọn ni wọ́n máa ń yá lò. Ìdí nìyẹn tí ẹnu kan ṣoṣo fi tó "ọkọ̀" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bákan náà ni n tó ń tẹ̀ lé fáwẹ́lì nínú ọ̀rọ̀ bí "ìbọn" àti "ẹyin." Imú ló ń gba ọ̀rọ̀ kọjá níbẹ̀, ètè kò ṣe ohunkóhun sí i.

Ohùn ni kí ẹ tẹ̀ lé

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ìwé ọ̀rọ̀ ni mo gbé síwájú, mo sì wá ẹnu fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹnu ìyá arúgbó tí mo yà ń gbọ̀n bí ẹnu ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu. Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ mi wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní, "Lẹ́tà lò ń yà. Ya ohun tí o gbọ́."

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí mo gbọ́ kọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni?"

Ó ní kí n tún ohùn náà gbọ́. Ohun tó wà nínú ìwé ni "gbé omi wá." Ohun tí òṣèré sọ ni "gbómi wá." E tí mo fa igun ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì fún kò sí níbẹ̀ rárá, ó ti pa jẹ. Báyìí ni Yorùbá ẹnu ṣe rí. Fáwẹ́lì méjì kì í fẹ́ dúró ti ara wọn, ọ̀kan á gbé èkejì mì. Ìwé ò ní sọ èyí fún yín. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́, nítorí náà ohùn ni a máa ń kọ́kọ́ gbà, kí a tó ya ẹnu kankan.

Ìdí mìíràn ni pé èèyàn kì í pe ọ̀rọ̀ bákan náà. An nínú "ìtàn" àti "ọ̀kan" máa ń dún bí ọn lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ètè wọn á sì ká roboto. Àwọn mìíràn ń la ẹnu fún un bí a. Ẹnu òṣèré tí ẹ gba ohùn rẹ̀ ni ẹ ó tẹ̀ lé. Bí ẹ bá lè ya fídíò ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, ẹ yà á, yóò wúlò.

"Ebi ń pa mí o!"

Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìjàpá dé láti oko, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó wo Yánníbo, ó sì pariwo pé, "Ebi ń pa mí o!" Ojú Ìjàpá gba ìdajì àwòrán, nítorí náà ẹnu rẹ̀ yóò hàn kedere.

Férémù ni a ń pe àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá lójú wa. Nínú kátúùnù yìí, 24 férémù ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ayàwòrán kì í sábà ya gbogbo 24. Ó máa ń fi àwòrán kan sí férémù méjì, kí 12 lè tó fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ gùn tó férémù 30, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá kan àti ìdá mẹ́rin rẹ̀.

Mo gbé ohùn náà sórí kọ̀ǹpútà, mo sì fa ọwọ́ lé e díẹ̀díẹ̀, férémù kan lẹ́yìn òmíràn, kí n lè gbọ́ ibi tí ìró kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà ohùn tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà náà ń ṣèrànwọ́. Níbi tí ètè bá ti pàdé, ìlà yẹn máa ń tín-ín-rín, ó á sì wú lójijì bí fáwẹ́lì bá dé. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo gbà lórí gbólóhùn náà.

Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ibi tí ètè ti pàdé nìkan ni mo sàmì sí. Mẹ́ta ni wọ́n: b nínú "ebi," "ń p" nínú "ń pa," àti m nínú "mí." Ń àti p jẹ́ ẹnu kan, nítorí náà n kò ṣí ètè láàárín wọn. Ní ọ̀nà kejì, mo wá ibi tí ẹnu ti là jù. A tó wà nínú "pa" ni, ibẹ̀ náà sì ni ìrora ọ̀rọ̀ wà. Mo sàmì sí ibi tí ètè ti sú pẹ̀lú, ìyẹn o ìkẹyìn. Ní ọ̀nà kẹta ni mo tó kún àlàfo tó kù. Ohun tó wà lórí bébà mi nígbà tí mo parí rèé:

- Férémù 1 sí 4: e, igun ẹnu fífà
- Férémù 5 sí 6: b, ètè pípadé
- Férémù 7 sí 8: i, igun ẹnu fífà
- Férémù 9 sí 12: ń àti p, ètè pípadé
- Férémù 13 sí 16: a, ẹnu lílà gbàgà
- Férémù 17 sí 18: a ń parí lọ, ẹnu ẹ
- Férémù 19 sí 20: m, ètè pípadé
- Férémù 21 sí 22: i, igun ẹnu fífà
- Férémù 23 sí 30: o, ètè sísú

Ẹnu márùn-ún péré ni mo yà, mo sì lò wọ́n ní ibi mẹ́sàn-án. Ẹ wo férémù 13. Láti ètè pípadé, ẹnu la gbàgà lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí àwòrán kankan láàárín. Bí p ṣe ń tú nìyẹn, bí a bá ki ẹnu ìlàdéjì sí àárín wọn, agbára ìró náà á lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń padà sí ètè pípadé, ẹnu kékeré kan wà ní férémù 17 tó ń mú un rọra sún mọ́ ìpadé. Ṣíṣí á yá, pípadé á rọra.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí bébà kò fi hàn. Nínú ohùn gidi, férémù kan ṣoṣo ni m nínú "mí" gbà, ìyẹn férémù 20. Ètè tó bá pàdé fún férémù kan péré, ojú kì í sábà rí i, bíi pé kò pàdé rárá ni. Ó yẹ kó gba méjì ó kéré tán. Mo yọ férémù kan lára a tó ṣáájú rẹ̀, mo fi fún m. Fáwẹ́lì tó wà níwájú ni a máa ń yọ ọ́ lára, nítorí pé lẹ́nu èèyàn gidi pàápàá, ètè ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé kí fáwẹ́lì tó parí. Bí ẹ bá yọ ọ́ lára fáwẹ́lì tó wà lẹ́yìn, ẹnu á pẹ́ kó tó ṣí, gbólóhùn náà á sì máa wọ́ lẹ́yìn ohùn.

Ìdí yìí kan náà ló fà á tí mo fi sún gbogbo ẹnu náà síwájú ohùn ní férémù méjì kó tó di pé mo gbà pé iṣẹ́ parí. Ètè ní láti pàdé kí b tó lè dún. Ẹ̀dá èèyàn sì ti mọ́ra pé kí ojú rí nǹkan kí etí tó gbọ́ ọ. Bí ẹnì kan bá ń la igi lókèèrè, a máa ń rí àáké rẹ̀ kó tó kan etí wa. Ìwọ̀n tí ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, gbé kalẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n fi èyí hàn. Bí ohùn bá ṣáájú àwòrán ní 45 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán ló ṣáájú, ó máa ń tó 125 kí a tó fura. Férémù kan gba nǹkan bí 42. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnu tó bá pẹ́ ju ohùn lọ ní férémù kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán, ṣùgbọ́n èyí tó bá yá ní férémù méjì ṣì dára lójú ẹni gbogbo.

Ìdí tí ètè pípadé fi ga ju ìyókù lọ

Ní ọdún 1976, Harry McGurk àti John MacDonald, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi fídíò obìnrin kan tó ń sọ "ga" han àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi sí i ni "ba." Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àgbàlagbà tó wò ó sọ pé "da" ni àwọn gbọ́. Ohùn "ba" wà níbẹ̀ kedere, ẹni tó bá di ojú á gbọ́ ọ. Àìpàdé ètè ló yí i padà lọ́kàn ẹni tó ń wò ó.

Bí ẹ bá wá gbàgbé láti pa ètè Ìjàpá dé ní "ebi," ohun tí ẹ bà jẹ́ kọjá àwòrán. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ á ṣókùnkùn létí ẹni tó ń wò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹnu ẹ sí ibi tó yẹ kí ẹnu e wà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ń ka gbogbo ẹnu sí ọgbọọgba. Ètè pípadé ló ṣíwájú, ẹnu lílà gbàgà ló tẹ̀ lé e, ètè sísú ló ṣìkẹta. Ìyókù jẹ́ ohun tí a lè yí padà, tàbí kí a yọ ọ́ kúrò, bí àyè kò bá gbà á.

Ìgbà tó yẹ kí a dín in kù

Ní ọdún 1959, kátúùnù kan tí wọ́n ń pè ní Clutch Cargo jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Àwọn tó ṣe é kò lówó tí wọ́n lè fi ya ẹnu, ni wọ́n bá ya fídíò ètè èèyàn gidi tó ń sọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àwòrán tó dúró gbagidi. Kò sí kátúùnù tí ètè rẹ̀ lè bá ọ̀rọ̀ mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ètè ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ni. Síbẹ̀ ó ń ba àwọn tó ń wò ó lẹ́rù títí di òní. Ètè wà láàyè, ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kú. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé pípé ètè kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilé kan náà pẹ̀lú ìyókù ara àwòrán.

Ní àsìkò yẹn kan náà, William Hanna àti Joseph Barbera gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí MGM ti ẹ̀ka kátúùnù rẹ̀ ní ọdún 1957, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n, níbi tí owó kò ti pọ̀. Wọ́n ya ara sọ́tọ̀, wọ́n ya orí sọ́tọ̀, wọ́n sì ya ìwọ̀nba ẹnu tí wọ́n ń pààrọ̀. Ọrùn aṣọ àti táì tí Yogi Bear wọ̀ sọ́rùn ló ń bo ojú ibi tí orí ti so mọ́ ara. Ara á dúró, orí á mì, ẹnu á máa yí padà, ìwọ̀nba ẹnu kéékèèké yẹn sì gbé eré tó kún wákàtí. Ní Jèpánù, láti ìgbà tí Osamu Tezuka ti bẹ̀rẹ̀ eré Astro Boy lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1963, ẹnu mẹ́ta ni àwọn ayàwòrán tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ sábà máa ń lò: pípadé, ìlàdéjì, lílà. Àwọn òṣèré wọn ló sì sábà máa ń wo àwòrán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ sí i.

Àwa náà ti mọ èyí tipẹ́. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde, ẹnu igi tí ẹléfẹ̀ gbé lé orí kì í là, kì í pàdé. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí ohùn ti ń wá. Bí orí ṣe ń yí, bí èjìká ṣe ń gbọ̀n, bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ ilẹ̀, ló fi hàn pé ẹni yìí ló ń sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ìgbà wo ni kí a dín ẹnu kù? Ìgbà àkọ́kọ́ ni ìgbà tí ojú kéré nínú àwòrán. Ká ní Ìjàpá ń sáré bọ̀ láti òkèèrè, tó ń pariwo "Ebi ń pa mí o!", tí orí rẹ̀ kò ju èékánná lọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹnu mẹ́ta ti tó: pípadé, lílà, sísú. E àti i á di ẹnu lílà kékeré kan náà, a á gba ẹnu yẹn ṣùgbọ́n àgbọ̀n á sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ yọ ìpadé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá ní àkókò tó kù, apá àti ẹsẹ̀ tó ń sáré ni kí ẹ ná an lé.

Ìgbà kejì ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá yá. Ẹ padà sí "gbómi wá." Ká ní ìyá ń jágbe mọ́ ọmọ, tí ọ̀rọ̀ náà kò ju férémù 12 lọ. Ìró mẹ́fà ló wà níbẹ̀: gb, o, m, i, w, a. Bí a bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní férémù méjì, ó gba 12 pérépéré, ṣùgbọ́n a á máa gbọ̀n láìní ibi ìsinmi, á tó ìpàrí kí a tó gbọ́ agbára "wá" náà. Mo yọ i kúrò pátápátá. Ètè gb gba 1 sí 2, o gba 3 sí 4, m gba 5 sí 6, w gba 7 sí 8, a wá gba 9 sí 12. I ṣì wà nínú ohùn, etí á gbọ́ ọ, ọkàn á sì gbà pé ojú rí i. Ká ní m ni mo yọ, "gbómi" á ti di ohun mìíràn.

Ìgbà tí kò yẹ ká dín in kù ni ìgbà tí ojú bá kún gbogbo àwòrán, tí ọ̀rọ̀ sì lọ́ra. Ìyá tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé bàbá rẹ̀ ti kú, kò sí apá tó ń mì, kò sí ẹsẹ̀ tó ń sáré. Ojú olùwòran kò ní ibòmíràn láti lọ. Níbẹ̀ ni ẹ̀ àti e ti yàtọ̀, níbẹ̀ ni ahọ́n l ti yẹ kó hàn.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti bàjẹ́

Ètò orí kọ̀ǹpútà wà tó ń gbọ́ ohùn tó sì ń to ẹnu fúnra rẹ̀. Ọ̀kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni Rhubarb Lip Sync. Bí ẹ bá lò ó láìsọ nǹkan kan fún un, á rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni òṣèré ń sọ, á máa wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú "ebi ń pa mí." Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ìró nìkan ni kó tẹ̀ lé:

```
rhubarb -r phonetic -o ebi.tsv ebi.wav
```

Ohun tó bá kọ jáde jẹ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá gbogbo b, m, p, gb àti ń tó ṣáájú wọn, kí ẹ wò ó bóyá ètè pàdé níbẹ̀ fún férémù méjì. Ibẹ̀ ni ó máa ń ṣìnà jù.

Yálà ọwọ́ ni ẹ fi tò ó tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ wò ó ní ìgbà mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ pa ohùn. Bí ẹnu bá ń gbọ̀n láìdúró, ẹnu ti pọ̀ jù, ẹ yọ i àti e díẹ̀ kúrò. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tan ohùn, kí ẹ sì máa wo ètè pípadé nìkan. Bó bá jọ fíìmù ilẹ̀ òkèèrè tí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìpadé kan ti sọnù. Bí ìpadé bá pé ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ń wọ́, ẹ sún ẹnu síwájú ní férémù kan, kí ẹ tún un wò. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ má wo ẹnu rárá, orí ni kí ẹ wò.

Ibẹ̀ ni ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ètè kò lè fi hàn ti lè rí àyè díẹ̀. Nínú "Ebi ń pa mí o!", ètè Ìjàpá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn àárín "pa" àti ohùn òkè "mí." Ṣùgbọ́n mo gbé orí rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan ní "mí," ìpéǹpéjú bá a gòkè, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ bí o ti ń gùn lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Orí tó bá ń gòkè tó ń sọ̀ fún gbogbo àmì ohùn á di orí alángbá. Mo tún wo gbólóhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹnu márùn-ún, ìpadé mẹ́ta, orí tó gbé sókè lẹ́ẹ̀kan. Mo pa ohùn, mo sì rí ibi tí b, p àti m wà. Mo di ojú, mo gbọ́ ìyókù.